Ìdí Agolo Ni Ká Kọ́kọ́ Wò

Ọdún méjìlá ni mo fi ta ọjà inú agolo kí n tó fi ìsọ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ mi fi máa ń fi fọ́tò ọjà ránṣẹ́ sí mi kí wọ́n tó sanwó. Ní oṣù tó kọjá, ìyàwó ọmọ mi fi fọ́tò agolo mílíìkì ọmọ ránṣẹ́. Omi ọmú rẹ̀ kò tó ìkókó rẹ̀, nọ́ọ̀sì sì ti ní kó máa fi mílíìkì kún un. Ẹnì kan ń tà á lórí Wásáàpù, owó rẹ̀ sì rọ̀ ju ti ọjà lọ. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Màámi, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò."

Fọ́tò yẹn mọ́ jù. Iwájú agolo nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí òjìji, kò sí tábìlì, kò sí ọwọ́ ènìyàn. Irú èyí tí ilé-iṣẹ́ fi ń polówó ọjà ni. Ó ń sọ bí agolo ṣe yẹ kó rí, kò sọ bí èyí tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á ṣe rí. Mo ní, "Ìyàwó mi, sọ fún un kó da agolo mẹ́rin dojú dé, kó kọ ọjọ́ òní sórí bébà, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kó wá ya ìdí wọn."

Nígbà tí fọ́tò kejì dé, mo fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù. Yíǹkì ni ẹ̀rọ fọ́n sí ìdí àwọn agolo náà, gbogbo nọ́ńbà sì jẹ́ àmì tóótòòtó bí ẹni to ìlẹ̀kẹ̀. Ṣùgbọ́n lára agolo méjì, nọ́ńbà tó kẹ́yìn nínú ọdún tó tẹ̀lé EXP jẹ́ ìlà gbọọrọ. Àyíká rẹ̀ ti ṣì, bí ibi tí wọ́n fi ásítóònù nù. Àwọn agolo mìíràn wà tí ẹ̀rọ máa ń fín nọ́ńbà sára irin wọn, ìyẹn kò burú. Ohun tí à ń wá ni pé kí gbogbo nọ́ńbà ìdí agolo kan jọ ara wọn.

Èyí tó tún burú jù ni nọ́ńbà ìṣọ̀wọ́. Ìṣọ̀wọ́ kan ni mílíìkì tí wọ́n pò pọ̀ tí wọ́n sì dì pọ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní nọ́ńbà kan náà, síbẹ̀ ọdún tí méjì yóò parí yàtọ̀ sí ti méjì yòókù. Mílíìkì tí a jọ pò kì í parí ní ọdún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyàwó mi ní, "Màámi, ó ní àṣìṣe ẹ̀rọ ni." Mo ní, "Ẹ̀rọ kì í fọwọ́ kọ̀wé." A kò rà á.

Ẹ tún wo iwájú agolo. Láti 1981 ni òfin àgbáyé lórí títa mílíìkì ìkókó ti ní kí wọ́n má ṣe fi àwòrán ọmọ ọwọ́ sára agolo, kí ó má baà dà bíi pé mílíìkì dára ju ọmú lọ. Bí ẹ bá rí ojú ọmọ tó sanra tó ń rẹ́rìn-ín lára agolo mílíìkì ìkókó, ẹ béèrè ibi tó ti wá.

Fọ́tò lè tú àṣírí ọjà burúkú, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́rìí pé ọjà dára. Àwọn kan ń ra agolo tó ti ṣófo, wọ́n á ro nǹkan mìíràn sí i. Gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ á pé, torí agolo gidi ni. Bébà fàdákà abẹ́ ìdérí nìkan ló lè tú wọn, fọ́tò kì í sì í dé ibẹ̀. Ní ìlú Fuyang ní Ṣáínà, ní 2004, ìyẹ̀fun tí kò ní èròjà amáralókun ni wọ́n dì bíi mílíìkì. Orí àwọn ọmọ tó mu ún wú, ara wọn rù, àwọn mìíràn kú. Nítorí náà, bí bébà yẹn bá ti ya tàbí tí wọ́n tún un lẹ̀, ẹ dá a padà.

Fún ohun ìṣeré, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ ní kí wọ́n yà. Ilé bátìrì gbọ́dọ̀ ní síkúrúù, torí bátìrì pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnnì lè jó ọ̀fun ọmọ tó bá gbé e mì láàárín wákàtí méjì. Ẹ wo páálí rẹ̀ náà: bí àmì òbìrí pupa tí wọ́n kọ 0-3 sí, tí wọ́n fa ìlà kọjá lórí rẹ̀, bá wà níbẹ̀, kì í ṣe ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ohunkóhun tí ẹni tó ń tà á bá wí. Bí kò bá sì sí orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é, ẹ fi sílẹ̀.

Ilé ìtajà oògùn ni ìyàwó mi ti padà ra mílíìkì. Bébà fàdákà rẹ̀ le dáadáa. Bó ti tán ni mo fi ìṣó lu ìdí agolo náà, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i tún rọ nǹkan sí.