Ọmọ Ìdí Mẹ́rin

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí wọ́n bí ní Ìgbẹ̀ìn, ní Abẹ́òkúta, láàárín 1960 sí 1975, ló ti mọ ìyá tí oúnjẹ kàn kí a tó mọ orúkọ ọjọ́ tó wà nínú ọ̀sẹ̀. Ìyá tí oúnjẹ bàbá bá kàn náà ló ń sùn ní yàrá bàbá lálẹ́, nítorí náà òórùn ọbẹ̀ ti tó láti sọ irú alẹ́ tí yóò jẹ́ fún wa. Bó bá jẹ́ ìyá tìrẹ ni, ara rẹ̀ á yá, á tú aṣọ tó mọ́ jáde, ẹran tó sì ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ ìkòkò á kàn ọ́. Bí kì í bá ṣe òun, á tètè pa fìtílà, ìwọ náà á sì mọ̀ pé kì í ṣe alẹ́ tí èèyàn ń béèrè nǹkan.

Ìyá wa kì í sọ fún wa pé ìyá kejì burú. Ohun tó máa ń béèrè kò ju "Kí lo jẹ níbẹ̀?" lọ. A ti jẹ láfún, a ti jẹ ewédú, a sì ti nu ẹnu nù dáadáa kí a tó wọlé, a ó ní a ò jẹ nǹkan kan. Bí inú bá wá ń run ọmọ lóru, ọ̀rọ̀ di ìṣòro. Bó bá sọ ọ́ jáde, ilé á dàrú kí ilẹ̀ tó mọ́, orúkọ ẹni tó fún un lóúnjẹ tọkàntọkàn á sì bàjẹ́. Bó bá dákẹ́, yóò dùbúlẹ̀ sínú òkùnkùn, á máa rò ó bóyá òótọ́ ni ohun tí ìyá òun ń bẹ̀rù. Púpọ̀ nínú wa ti dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, inú ti fi wá sílẹ̀, ṣùgbọ́n a ò ní lè wo ojú ìyá kejì bíi ti àná.

Àwọn ìyá wa kì í sábà bú ara wọn lójúkojú. Orin ni wọ́n fi ń jà. Ẹni tó ń fọ àwo á gbé e láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹni tó ń ro láfún lápá kejì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọmọrogùn lu etí ìkòkò. Bàbá wà ní pálọ̀, ó ń gbọ́ rédíò. Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti sọ pé obìnrin ni ọ̀tá obìnrin. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ìyáálé tí wọ́n ní kó jáde lọ pàdé ìyàwó tuntun lẹ́nu ọ̀nà, kó bomi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, kó sì máa rẹ́rìn-ín bí ó ti ń ṣe é, ibo ni wọ́n fẹ́ kó kó ohun tó wà nínú rẹ̀ sí?

Ọmọ tó bá ní ọbàkan tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà ni ojú rẹ̀ rí nǹkan jù. Lópin táámù, ìyá méjì ló ń dúró de káàdì, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í sì í ṣe ipò tí o ṣe, bí kò ṣe ipò tí ọmọ Ìyá Kékeré ṣe. "Ẹni tó ṣe kìíní, ṣé orí méjì ló ní ni?" Gbogbo ọmọ Yorùbá ló ti gbọ́ èyí rí, ṣùgbọ́n nílé wa, orí tí wọ́n ń sọ yẹn lórúkọ, ó sì ń sùn ní yàrá kejì. Ojú ọ̀nà la ti máa ń dìmọ̀: ẹni tó ṣe dáadáa á ní káàdì òun ṣì wà lọ́wọ́ tíṣà, kí ẹnì kejì lè rí ọjọ́ mélòó kan mí. Ọbàkan yìí kan náà ló ń gbà wá sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé tó bá fẹ́ lù wá. Tí a bá ti sún mọ́ ilé, a ó yà kúrò lára wa, kí wọ́n má baà rí i pé a jọ ń rẹ́rìn-ín.

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn láti oṣù kìíní 1955, nítorí náà kò sí ìjà tó pọ̀ níbẹ̀. Gírámà ni ìjà wà. Bàbá á san ti ẹnì kan, á ní kí ẹnì kejì ní sùúrù, ìyá rẹ̀ á sì gbé àdìrẹ lọ sí Ìtòkú títí owó yóò fi pé. Ọmọ tí àdìrẹ bá rán níwèé kì í gbàgbé láéláé. Nígbà tí ìjọba Bísí Ọnàbánjọ fagi lé owó ilé-ìwé ní Ìpínlẹ̀ Ògùn lẹ́yìn ìdìbò 1979, ìjà kan kúrò nínú agboolé wa lójijì, láìsí pé ọkàn ẹnikẹ́ni yí padà. Èyí ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n fura pé ohun tí à ń pè ní owú, ìpín ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ikú bàbá ló wá là wá lójú tán. Lábẹ́ àṣà wa, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Àwọn ọmọ ló ń jogún, ọ̀nà méjì ni wọ́n sì ń gbà pín in. Ìdí-igi ń ka àwọn ìyá tó bímọ. Orí-ò-jorí ń ka àwọn ọmọ. Ẹjọ́ tí gbogbo agbẹjọ́rò mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ti ẹbí Dáwódù àti Dánmọ́lé ní Èkó. Súbérù Dáwódù kú, àwọn ìyá mẹ́rin ló sì bí ọmọ mẹ́sàn-án tó fi sílẹ̀. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní kí wọ́n pín ogún náà lọ́gbọọgba láàárín ọmọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti àpapọ̀ dà á nù ní 1958, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ọba ní Lọ́ńdọ̀n sì fọwọ́ sí èyí ní 1962: ìdí-igi ni àṣà, ṣùgbọ́n bí àríyànjiyàn bá dé, olórí ẹbí lè sọ pé kí wọ́n lo orí-ò-jorí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ wò. Ká ní owó ilé tí wọ́n fẹ́ pín jẹ́ ₦3,600. Pẹ̀lú ìdí-igi, ìdí kọ̀ọ̀kan á gba ₦900. Ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí á gbé ₦900 lọ; níbi tí ọmọ bá ti jẹ́ mẹ́rin, ₦225 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Pẹ̀lú orí-ò-jorí, ₦400 ló kan olúkúlùkù. Ìyá tí kò bímọ kò ní ìdí kankan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ogójì ọdún ló fi gbọ́ oúnjẹ nínú ilé náà. Ẹni tó bá mọ ìṣirò yìí kò ní bi ìyá kan léèrè mọ́ ìdí tó fi ń ṣọ́ ikùn orogún rẹ̀, tàbí ìdí tí ọmọ rẹ̀ kò fi gbọ́dọ̀ jẹun níbòmíràn. Àwa ni gbogbo ohun tí wọ́n ní nínú ilé ọkọ. A mọ̀ ọ́n lára láti kékeré, ó sì wúwo: ọmọ tó ń ṣàìsàn mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni ìyá òun ń sunkún lé lórí.

Púpọ̀ nínú ilé àwọn bàbá wa ṣì wà ní Ìgbẹ̀ìn láìpín, nítorí pé wọn kò lè tà á láìjẹ́ pé olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìdí kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i. Àwa tó kù ti ń rántí ọjọ́ ìbí ara wa, a sì ń kí ara wa nínú ẹgbẹ́ WhatsApp ẹbí láràárọ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ báyìí ni páànù òrùlé tó ti jẹrà. Àwọn ọmọ ìdí tó pọ̀ jù, tí wọ́n tìtorí orí-ò-jorí fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ìpàdé nígbà tí owó ilé ń wọlé, ló wá ń sọ pé ìdí-igi ni kí a fi dá owó páànù.