Ààbọ̀ Pulọ́ọ̀tì àti Omi Kànga

Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò tuntun tó wà láyìíká Ìkòròdú, ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì lowó ọ̀pọ̀ wa ká. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 níbùú àti 60 lóròó, ìyẹn ò ju nǹkan bíi mítà 18 sí 18 lọ. Ẹ ta okùn láti igun kan sí igun tó dojú kọ ọ́, kò ní tó mítà 26. Mítà 30 ni àwọn onímọ̀ ìmọ́tótó sì máa ń ní kó wà láàrin kànga àti ibi tí omi ìgbọ̀nsẹ̀ ti ń wọlẹ̀. Kí bíríkìlà tó débẹ̀ rárá, okùn ti sọ fún wa pé ilẹ̀ náà kò lè gba kànga àti sókáwéè pa pọ̀. Mi ò tíì rí ẹni tó torí ìyẹn gbowó rẹ̀ padà lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń jiyàn lé lórí níbi ilé kíkọ́ ni bí ihò ṣe máa jìn tó àti bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe máa rí. Ẹnu bàbá bíríkìlà kan ni mo ti gbọ́ ọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi ìsàlẹ̀ táǹkì yìí sílẹ̀ láìda kọ́ńkéré sí i. Ilẹ̀ á máa mu ún, ẹ ò ní sanwó ọkọ̀ tó ń kó o títí ẹ ó fi darúgbó.” Òótọ́ ló sọ, táǹkì náà kò ní kún. Kànga aládùúgbò ni yóò máa gbà á.

Iṣẹ́ táǹkì yàtọ̀ sí ti sókáwéè. Táǹkì kò gbọ́dọ̀ jò rárá. Ibẹ̀ ni omi ti ń sinmi, tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ń rò sísàlẹ̀, tí ọ̀rá àti ìfófòó ń léfòó, tí omi àárín nìkan sì ń jáde. Sókáwéè ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ jò, torí òun ló ń fi omi yẹn lé ilẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti agbo ilé ẹlẹ́ni mẹ́wàá, tí omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ nínú ilé wọn. Ká ní lítà 100 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò lóòjọ́, lítà 1,000 ni gbogbo wọn ń dà sílẹ̀. Omi gbọ́dọ̀ sinmi fún ọjọ́ kan, ó kéré tán. Ọjọ́ méjì ni èmi máa ń fún un, nítorí àárọ̀ Sátidé tí ìwẹ̀ àti aṣọ fífọ̀ bá pàdé, omi á ya wọlé, á sì ru gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sókè. Lítà 2,000 nìyẹn. Bí omi ilé ìwẹ̀ àti ti ilé ìdáná bá ń wọ inú rẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹnì kan tó nǹkan bíi lítà 40 lọ́dún. Fún èèyàn mẹ́wàá, ní ọdún mẹ́ta, lítà 1,200. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ lítà 3,200.

Táǹkì tó fẹ̀ ní mítà kan, tó gùn ní mítà 2.2, tí omi inú rẹ̀ jìn ní mítà kan àti ààbọ̀, yóò gba lítà 3,300. A ó wá fi nǹkan bí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ lókè fún afẹ́fẹ́. Ẹ pín in sí yàrá méjì, kí ti àkọ́kọ́ gba ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí ẹ sì fi páìpù tíì sí ojú ibi tí omi ń gbà jáde, kó lè máa fà láti abẹ́ ìfófòó. Kò tóbi, àbí? Ọ̀pọ̀ táǹkì tí mo rí tóbi jù báyìí lọ, sókáwéè ẹ̀yìn wọn ni kò tó.

Ìgbà tí táǹkì yẹ ní kíkó kò gba àfọ̀ṣẹ. Ẹ wé táwẹ́ẹ̀lì funfun mọ́ ọ̀pá gígùn, ẹ tì í bọ inú táǹkì títí yóò fi kan ìsàlẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ rọra fà á jáde. Ibi tí dúdú bá lẹ̀ mọ́ dé ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dé. Tó bá ti tó ìdá kan nínú mẹ́ta jíjìn omi, ẹ pe ọkọ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kó pẹ́, yóò máa bá omi lọ sínú sókáwéè, yóò sì di ojú ilẹ̀ pa níbẹ̀. Kò sí ọkọ̀ tó lè fa ìyẹn jáde.

Bí ilẹ̀ bá jẹ́ amọ̀ tó po mọ́ iyanrìn dáadáa, ojú ògiri ihò tó fẹ̀ ní mítà kan, tó ga ní mítà kan, lè máa mu nǹkan bíi lítà 25 lóòjọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lítà 1,000 wá nílò ogójì irú ojú bẹ́ẹ̀. Ihò rogodo tó fẹ̀ ní mítà méjì, tó ní mítà mẹ́ta ògiri lábẹ́ páìpù, kò ní tó 19. Méjì rẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. A kò ka ìsàlẹ̀ mọ́ ọn nítorí ìdọ̀tí tètè máa ń dí i. Ilẹ̀ amọ̀ tó le kò tiẹ̀ yẹ fún un rárá, bẹ́ẹ̀ ni òjò orí òrùlé kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀.

Ìjìnnà sísàlẹ̀ tún wà, èyí tí okùn orí ilẹ̀ kì í fi hàn. Ìsàlẹ̀ sókáwéè gbọ́dọ̀ fi mítà kan àti ààbọ̀ ga ju omi abẹ́ ilẹ̀ lọ, torí inú ilẹ̀ gbígbẹ yẹn ni ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn ti ń há, tí wọ́n sì ń kú. Ẹ wọn omi kànga ní ìparí òjò, nígbà tó bá ga jù, kì í ṣe nínú ọyẹ́. Ká ní ó dúró ní mítà márùn-ún nígbà yẹn, tí páìpù sì wọ ihò wa ní sẹ̀ǹtímítà 70 sílẹ̀, ìsàlẹ̀ ihò wà ní mítà 3.7. Mítà 1.3 ló kù, kò tó. Ṣe ni ká dín ògiri kù sí mítà méjì àti ààbọ̀, ká gbẹ́ ihò mẹ́ta dípò méjì. Ní Lẹ́kí àti Ajah, níbi tí omi ti sún mọ́ òkè gan-an, ihò lásán ò lè ṣiṣẹ́ yìí. Ní ibi tí àpáta tó ti sán wà lábẹ́, bí a ti ń rí i ní apá ibi púpọ̀ n'Íbàdàn, ojú sísán lè gbé omi kọjá mítà 30 kó tó di pé ilẹ̀ sẹ́ ẹ.

Ká wá padà sí ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì. Bí gbogbo wa bá fohùn ṣọ̀kan pé kànga máa wà níwájú, ẹ̀yìn ilé ni sókáwéè, sókáwéè á kọjú sí sókáwéè lẹ́bàá ògiri ẹ̀yìn. Ó dára, àmọ́ nǹkan bíi mítà 14 péré ni yóò wà láàrin kànga àti sókáwéè. Lójú tèmi, ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù ló yẹ kó dá sí i: kí wọ́n dáwó gbẹ́ bohóòlù kan ṣoṣo ní ibi tó jìnnà sí gbogbo sókáwéè, kí wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì dí àyíká páìpù rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ mítà mélòó kan. Ẹni tí kò bá lè dúró de ẹgbẹ́, kó fi okùn wọn ìjìnnà dé sókáwéè aládùúgbò pẹ̀lú kó tó gbẹ́ kànga, kó sì gbé omi rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò lẹ́yìn òjò ńlá. Sísè á pa kòkòrò àrùn inú rẹ̀. Náítíréètì tó ti inú ìtọ̀ wá kò gbọ́ ti iná.