Ìbéèrè tí mo bi àwọn ọmọ mẹ́ta kí n tó gba ẹnì kan síṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe gba òṣìṣẹ́ mi àkọ́kọ́, àti bó ṣe ku díẹ̀ kí n lé e lọ láìṣẹ̀. Ó gùn díẹ̀ o, ẹ fara balẹ̀.

Ẹja tútù ni mò ń tà ní Àgbowó, níwájú yunifásítì. Firísà méjì, òṣùwọ̀n kan, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan. Ọdún kan àbọ̀ ni mo fi dá a ṣe. Bí mo bá lọ gbé páálí ẹja, ṣọ́ọ̀bù á wà ní títì, oníbàárà á sì lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ìgbà tí ibà wá dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, tí nẹ́pà mú iná lọ, tí kò sẹ́ni tó máa tan jẹnẹrétọ̀, páálí kan àbọ̀ jẹrà. Ọjọ́ yẹn ni mo gbà pé mo nílò èèyàn.

Àwọn mẹ́ta ló wá béèrè iṣẹ́ náà: ọ̀kan láti Mọ́níyà, ọ̀kan láti Apẹ̀tẹ̀, ọ̀kan láti Òrògún.

Kí n má purọ́, ọmọ Apẹ̀tẹ̀ ni mo fẹ́. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó sì mú lẹ́tà wá láti ọ̀dọ̀ pásítọ̀ wọn. Ọmọ Mọ́níyà ò tiẹ̀ wò mí lójú. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ fún un pé kó máa lọ.

Àǹtí mi kan ń ta aṣọ ní Dùgbẹ̀, ó sì ti lé ní ogún ọdún tó ti ń gba ọmọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo pè é. Ó ní, "Kí lo fẹ́ bi wọ́n?" Mo ní màá bi wọ́n bóyá wọ́n jẹ́ olóòótọ́, bóyá wọ́n lè ṣiṣẹ́ kára. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Olè náà á ní olóòótọ́ lòun. Ọ̀lẹ náà á ní òun ò mọ àárẹ̀. Bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ti ṣe rí. Ìbéèrè kan náà ni kó o bi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó o sì kọ ìdáhùn sílẹ̀ kí ẹni tó kàn tó wọlé."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ọgbọ́n ọjà lásán nìyẹn, lọ́dún 1998, Frank Schmidt àti John Hunter kó ìwádìí ọdún 85 lórí gbígba èèyàn síṣẹ́ jọ. Ohun tí wọ́n rí ni pé kéèyàn fún ẹni náà ní díẹ̀ lára iṣẹ́ náà ṣe, tàbí kó bi gbogbo wọn ní ìbéèrè kan náà, ń sọ ju iye ọdún tí wọ́n ti fi ṣiṣẹ́ lọ. Àǹtí mi ò gbọ́ orúkọ wọn rí.

Ìbéèrè mẹ́ta péré ni mo mú.

Àkọ́kọ́: "Sọ ọjọ́ kan fún mi tí owó tàbí ọjà ò pé lọ́wọ́ ẹ. Kí lo ṣe?"

Ọmọ Apẹ̀tẹ̀ ní, "Owó ò dín lọ́wọ́ mi rí, mà." Ó wù mí gan-an! Àfìgbà tí Àǹtí mi bi mí pé, "Ìwọ ńkọ́, ṣé owó ò dín lọ́wọ́ tìẹ náà rí?" Mo dákẹ́. Ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ èèyàn fún ọdún kan tó ní kò dín rí, bóyá kì í kà á ni, tàbí kò fẹ́ kí n mọ̀.

Ọmọ Òrògún ò tíì ta ọjà rí, ó sọ bó ṣe gba àjọ fún àwọn ọmọ kíláàsì wọn, àti bó ṣe ń kọ orúkọ ẹni tó san sínú ìwé. Ìdáhùn gidi nìyẹn náà. Ọmọ Mọ́níyà ní òun ti fún oníbàárà ní ṣéńjì 1,000 dípò 500 rí. Òun fúnra òun ló rí i nígbà tó ń kà á lálẹ́, ó sì sọ fún ọ̀gá ẹ̀ kí ọ̀gá tó béèrè. Mo ní, "Kí ni ọ̀gá ṣe?" Ó ní, "Ó yọ ọ́ nínú owó oṣù mi." Kò sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ kí n yìn ín. Ojú ń tì í.

Ìkejì: "Nẹ́pà mú iná lọ ní aago méjì ọ̀sán, o pè mí, mi ò gbé e. Kí lo máa ṣe?"

Ohun tí mò ń wá ni pé kó má máa ṣí firísà. Firísà tó kún, tá ò bá ṣí i, lè mú òtútù dúró tó wákàtí 48. Èyí tó kún dé ìdajì, bíi wákàtí 24. Ooru Ìbàdàn á gé díẹ̀ kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ṣíṣí-ṣíṣí ló ń ba ẹja jẹ́ jù. Kò sẹ́ni tó mọ nǹkan wákàtí yẹn, n ò sì retí ẹ̀. Ọmọ Mọ́níyà ní òun á kó gbogbo ẹja sínú firísà kan, òun á tì í, òun á wá epo. Ọmọ Apẹ̀tẹ̀ ní òun á máa gbàdúrà, òun á sì máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti ń yọ́.

Ìkẹta: "Báwo lo ṣe máa dé ibí ní aago méje, èló sì ni owó mọ́tò?"

Ẹ má fojú di ìbéèrè yìí. 50,000 ni mo ní lọ́kàn fún owó oṣù. Láti Mọ́níyà sí Ọ̀jọ́ọ̀ dé Àgbowó, ọmọ yẹn ní 500 ni lílọ, 500 ni àbọ̀. Ọjọ́ 26 lóṣù jẹ́ 26,000. Ìyẹn ni pé 24,000 ló máa kù lọ́wọ́ ẹ̀! Ẹni tí mo bá san irú owó yẹn fún, ó máa pẹ́ dé, ó máa wá iṣẹ́ míì, tàbí kó máa fi owó ṣọ́ọ̀bù wọ Máíkírà. Èmi á wá ní kò ṣeé fọkàn tán, nígbà tó jẹ́ èmi ni mo ṣírò ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìbéèrè, mo ní kí wọ́n wọn ẹja fún mi. Mo gbé abọ́ sórí òṣùwọ̀n, mo ní, "Fún mi ní kòtẹ́ kílò méjì àbọ̀, 4,800 ni kílò kan. Èyí ni 15,000." 12,000 ni owó ẹja, ṣéńjì 3,000. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ìṣirò náà, àmọ́ ọmọ Mọ́níyà nìkan ló béèrè pé, "Mà, ṣé ká yọ abọ́ kúrò níbẹ̀?" Àwọn yòókù wọn abọ́ mọ́ ẹja. Oníbàárà tó bá dé ilé tó tún un wọ̀n ò ní padà wá mọ́.

Ó wá ku ọ̀gá àtijọ́. Ẹ má fi nọ́ńbà fóònù nìkan ṣe é, torí ọ̀rẹ́ ẹ̀ lè gbé e kó ní òun ni ọ̀gá. Èyí tí ọmọ Apẹ̀tẹ̀ fún mi, ẹni tó gbé e ní "òṣìṣẹ́ tó dáa gan-an ni." Mo ní, "Kí lẹ̀ ń tà, mà?" Ó kọ́kọ́ dákẹ́, ló bá ní òun á pè mí padà. Títí di òní ni.

Èmi fúnra mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí ọmọ Mọ́níyà ti ṣiṣẹ́. Mo bi ìyá yẹn ní nǹkan méjì. "Kí ni kì í ṣe dáadáa?" Ó ní bí òjò bá rọ̀, ó máa ń pẹ́ dé. "Ṣé ẹ máa gbà á padà?" Kò ronú rárá: "Lọ́la gan-an. Owó tí mò ń san ló kéré." Ẹni tó bá sọ àléébù gidi kan fún yín, ẹ lè gba ìyìn ẹ̀ gbọ́.

Oníduro ńkọ́? Mo gbà á, mo sì dé ilé wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí oníduro ń sọ fún yín ò ju ibi tẹ́ ẹ máa lọ tí nǹkan bá ti bàjẹ́ tán. Kò sọ irú ẹni tí ọmọ náà jẹ́.

Mo gbà á. Mo fi 15,000 kún owó oṣù, ó di 65,000. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, a jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù ni, mo sì san owó ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo kọ àdéhùn sórí ìwé: iṣẹ́, owó, àkókò, bí ẹni tó bá fẹ́ lọ ṣe máa sọ ọ́. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà, abala 7, ní kí ọ̀gá kọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ kó tó pé oṣù mẹ́ta.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni wàhálà dé. Ọjọ́ Ajé, ó ní, "Àǹtí, páálí kòtẹ́ tá a tú yẹn ò pé o. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé." Mo ṣírò ẹ̀. Kílò 20 ló wà lára páálí. Ó ti ta 17.6, 1.2 ló kù nínú firísà. 18.8 nìyẹn. Kílò 1.2 ti pòórá, 5,760 náírà!

Inú mi ru. Mo ní ṣebí ó ti mọ̀ pé mo fẹ́ràn ẹni tó máa ń tètè jẹ́wọ́, òun ló ṣe tètè sọ ọ́. Mo ti pinnu pé màá yọ ọ́ nínú owó oṣù, tó bá tún ṣẹlẹ̀, kó máa lọ sílé.

Mo pe Àǹtí mi. Ọ̀rọ̀ kan ló sọ: "Ṣé ìwọ ti wọn páálí rí?"

N ò wọ̀n ọ́n rí. Ọdún kan àbọ̀!

Páálí tó tẹ̀ lé e, àwa méjèèjì la jọ tú u. A yọ páálí kúrò, ẹja pẹ̀lú yìnyín jẹ́ 19.8. A gbọn yìnyín ara ẹ̀ kúrò, ó ku 19.0. Kílò kan géérégé ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó ta nǹkan kan. 0.2 tó kù ńkọ́? Èènì ni. Òṣùwọ̀n sọ pé kílò kan lé díẹ̀, èèyàn á ní "ẹ máa mú un lọ." Èmi náà ń ṣe é lójoojúmọ́.

Tí mo bá ti yọ owó yẹn ńkọ́? Abala 5 òfin yẹn ò gbà kí ọ̀gá kàn máa gé owó oṣù nítorí ọjà tó sọnù. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ fà á ni tàbí kò bìkítà, kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ iṣẹ́ sì ti fọwọ́ sí i lórí ìwé ṣáájú. Ọ̀pọ̀ wa là ń ṣe é bí ẹni pé ẹ̀tọ́ wa ni.

Ní báyìí, a máa ń wọn páálí lọ́jọ́ tó bá wọlé, lẹ́yìn tí yìnyín bá kúrò. Iye yẹn là ń bẹ̀rẹ̀ ìwé pẹ̀lú, a sì gba 0.3 láàyè fún èènì. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà yẹn ni màá béèrè ọ̀rọ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní mo ti fura sí i. Ó ní, "Mo mọ̀, Àǹtí. Ẹ ò kí mi dáadáa láti ọjọ́ Ajé."

Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà lọ́kàn mi. Mo fi ìbéèrè mẹ́ta dán an wò, ó yege. Nígbà tí ọjọ́ gidi dé, ó ṣe ohun tó sọ pé òun máa ń ṣe gan-an, èmi ni mi ò gbà á gbọ́.

Ó ti lo oṣù méje báyìí. Ó ṣì máa ń pẹ́ dé lọ́jọ́ òjò. Aago mẹ́jọ la máa ń ṣí lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ọmọ sí ṣọ́ọ̀bù rí, ìbéèrè wo lẹ máa ń bi wọ́n? Ẹ jẹ́ ká gbọ́.