Ta Ló Kọ́kọ́ Kí Ta?

Oríṣiríṣi ni ọ̀nà tí ọmọ aráyé ń gbà kí ara wọn. Ará Jàpáánì a tẹrí ba, ará Faransé a fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, àwọn Máórì ní Niu Sílándì a sì fi imú àti iwájú orí kan ti ẹnì kejì. Ṣùgbọ́n èyí tó gba ọkàn mi jù lọ ni ìkíni tó kún fún ìbéèrè: ilé ńkọ́, ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa Yorùbá ń ṣe é, àwọn Wọ́lọ́ọ̀fù ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà náà ń ṣe é. Ìgbà tí mo fi tiwọn wé tiwa ni mo tó rí iṣẹ́ tí àwọn ìbéèrè náà ń ṣe.

Ìkíni Wọ́lọ́ọ̀fù ní ìlànà. Ẹni tó bá tọ ẹlòmíràn lọ á kọ́kọ́ ṣe sàláámù, nítorí Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ wọn. Lẹ́yìn náà, wọn á máa pe orúkọ ìdílé ara wọn, “Ndiaye!” “Diop!”, bí àwa náà ṣe máa ń fi oríkì orílẹ̀ yẹ́ ènìyàn sí. Ìbéèrè á wá bẹ̀rẹ̀: ṣé àlàáfíà lo wà, àwọn ará ilé dà, bàbá ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ìdáhùn kì í yí padà: wọ́n wà níbẹ̀, àlàáfíà ni. Bí ọmọ kan tilẹ̀ ń ṣàìsàn nílé, bẹ́ẹ̀ náà ni wọn á ṣe dáhùn. Ìgbà tí wọ́n bá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tán ni ọ̀rọ̀ àìsàn tó lè jáde. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Àwa náà máa ń sọ pé a dúpẹ́ kí a tó jókòó ro ẹjọ́ ohun tó ń dùn wá.

Ní 1974, Judith Irvine, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí láàárín àwọn Wọ́lọ́ọ̀fù, tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí ìkíni yìí. Ó fi hàn pé ẹni tó kọ́kọ́ kíni, tó sì ń béèrè, ni ó gba ipò ẹni tó kéré. Ẹni tí à ń bi léèrè ni ẹni ńlá. Tirẹ̀ kò ju kó máa dáhùn ní ṣókí. Ohùn wọn pàápàá yàtọ̀. Ọmọ bíbí ilé ọlá a máa sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Àwọn tí iṣẹ́ ìdílé wọn jẹ́ kíké ewì àti ìtàn ìran a máa yára sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn òkè.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ó ṣe ń rí. Ká ní àgbẹ̀ kan, Diop, tó rí jájẹ, rí Ndiaye lọ́ọ̀ọ́kán, ó sì fura pé owó ló ń wá yá. Bí Ndiaye bá kọ́kọ́ kí i, tó sì béèrè ilé, ọmọ àti ìyàwó tán, ó ti sọ Diop di ẹni ńlá. Ojúṣe ẹni ńlá sì ni kó fún ẹni tó kéré ní nǹkan. Diop mọ èyí. Òun náà lè sáré kíni ṣáájú, kó máa da ìbéèrè sílẹ̀ léraléra, kó lè gba ipò ìsàlẹ̀ náà kí Ndiaye tó dé ibẹ̀. Bí ó bá rí i gbà, yóò ṣòro fún Ndiaye láti na ọwọ́ tọrọ. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń béèrè bá sinmi díẹ̀, ẹnì kejì lè gba ìbéèrè ṣe, kí ipò wọn sì yí padà.

Níbí ni tiwọn ti yàtọ̀ sí tiwa. Lọ́dọ̀ wa, ọmọdé ló ń kọ́kọ́ kíni, yóò dọ̀bálẹ̀ tàbí kó kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ti dìde tán, àgbà ló sábà máa ń béèrè: “Ṣé dáadáa lẹ wà? Màmá ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́?” Ọmọdé á máa dáhùn pé, “A dúpẹ́, sà.” Ọmọ Yorùbá tó bá gbé ìwà yìí lọ sí abúlé Wọ́lọ́ọ̀fù á kí àgbà tán, á wá dákẹ́, á máa dúró de ìbéèrè. Lójú tirẹ̀, ọ̀wọ̀ ló ń bù fún àgbà. Lójú àgbà náà, ọmọ yìí ti dá iṣẹ́ ìkíni dúró lágbedeméjì.

Ti ọwọ́ òsì tún wà níbẹ̀. Àwa ò gbọdọ̀ fi bọ àgbà lọ́wọ́, ọwọ́ ọ̀tún náà ni wọ́n sì ń lò ní Sẹ̀nẹ̀gà lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni wọn bá ń lọ sí ìrìn àjò jíjìn, wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi ọwọ́ òsì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Àṣìṣe ni, wọ́n sì mọ̀ ọ́n láṣìṣe. Wọ́n fi í sílẹ̀ kí ó lè di dandan fún àwọn méjèèjì láti tún pàdé, kí wọ́n tún un ṣe.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń lọ sí ìlú àjèjì, ó dára kó béèrè bóyá bíbọ ọwọ́ ni tàbí títẹ orí ba. Ṣùgbọ́n mo rò pé ohun méjì ló ṣe pàtàkì jù: ta ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lanu, ta ló sì ni ìbéèrè? Ọmọ ìlú lè dárí ji àjèjì tí kò mọ bí a ṣe ń tẹrí ba. Èyí tó bá gba ipò onípò nínú ọ̀rọ̀ ni wọ́n á kà sí aláìlẹ́kọ̀ọ́, ó sì lè má mọ ohun tí òun ṣe.