Ẹ Kú Àná, Ẹ̀yin Ìgbìmọ̀

Ọjọ́ Ajé ni ìwé wọn bá mi ní Sàkété. Ìlà mẹ́rin péré ni. Wọ́n dúpẹ́ pé mo wá sí Pọbẹ̀ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n ní àwọn ti yan ẹlòmíràn sí ipò alábòójútó ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, àwọn yóò sì fi ìwé mi pamọ́. Owó oṣù ipò náà ni mo ti fi ọkàn san gbèsè ilé-ẹ̀kọ́ àbúrò mi.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kọ èsì tí ó kún ojú ìwé méjì. Ìlà àkọ́kọ́ ni mo fi dúpẹ́. Ìyókù ni mo fi rojọ́. Bí iná mànàmáná kò bá lọ, ǹ bá ti fi í ránṣẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé e tọ ọ̀rẹ́ bàbá mi kan lọ, tí ó ṣe akọ̀wé ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó fẹ̀yìntì.

«Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó.»

Ó kà á tán, ó rẹ́rìn-ín. «Ọmọ mi, ọpẹ́ ni o fẹ́ dú, àbí ẹjọ́ ni o fẹ́ rò?»

Ibi mẹ́ta ni ó fi bíírò fà ìlà sí. Èkínní ni ibi tí mo ti béèrè ìdí tí wọn kò fi mú mi. Ó ní ìgbìmọ̀ tí ó ti fọwọ́ sí ìpinnu rẹ̀ kì í tú u sínú lẹ́tà. Bí mo bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kí n fi ẹnu béèrè lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn nígbà tí ara bá ti silé. Èkejì ni ibi tí mo ti ní mo ṣì wà ní sẹpẹ́ bí wọ́n bá tún èrò wọn pa. «Ìyẹn ń sọ fún wọn pé o kò tíì gba ohun tí wọ́n wí.» Ẹ̀kẹta ni gbólóhùn tí ilé-ẹ̀kọ́ Faransé ti kọ́ gbogbo wa láti fi parí lẹ́tà, pé à ń retí ìdáhùn rere. Ìdáhùn ti dé. Lẹ́tà ìtọrọ ni ó ni ìparí yẹn. Ẹni tí ó dúpẹ́ kò gbọdọ̀ di gbèsè èsì lé ẹlòmíràn lórí.

Ìyẹn ni ó rán mi létí «ẹ kú àná». Ẹni tí ó ṣe wá lálejò lánàá, a máa ń padà lọ kí i. A kì í sọ fún un pé ọbẹ̀ kò tó. A máa ń dárúkọ ohun kan tí a rí níbẹ̀.

Kí ni èmi rí? Ìgbìmọ̀ náà jẹ́ ẹni mẹ́ta. Wọ́n bi mí pé kí ni n óò ṣe bí ìdajì àwọn obìnrin kíláàsì bá dẹ́kun wíwá. Mo ní n óò máa bẹ ilé wọn wò. Ìyá kan láàárín wọn wá béèrè pé: «Ṣé ẹ ti wo ọjọ́ ọjà?» N kò wò ó. Nígbà tí mo délé, mo ṣírò rẹ̀. Bí ọjà bá ń ná ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin, tí kíláàsì sì wà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, ní ọjọ́ 28, ẹ̀ẹ̀kan ni ọjà yóò bọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọjọ́ méjèèjì: kíláàsì 2 nínú 8 ti lọ. Ká má tilẹ̀ tíì ka ọjà abúlé kejì.

Nítorí náà, ní Faransé, ohun tí mo fi ránṣẹ́ kò ju èyí lọ:

«Ẹ̀yin ọ̀gá, mo ti gba ìwé yín, mo sì dúpẹ́ pé ẹ jẹ́ kí n mọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Mo dúpẹ́ ní pàtàkì fún ìbéèrè yín lórí ọjọ́ ọjà. Mo ti fi tún ètò kíláàsì mi ṣe. Mo kí ẹni tí ẹ yàn. Bí iṣẹ́ olùkọ́ tàbí ti adelé bá ṣí sílẹ̀ ní Pọbẹ̀ tàbí ní Sàkété, inú mi yóò dùn bí ẹ bá rántí mi. Àyè yóò wà fún mi láti oṣù kẹwàá.»

Bàbá ní kí n dárúkọ iṣẹ́ náà àti oṣù náà, nítorí «ẹ rántí mi» lásán kò ní ibi tí akọ̀wé lè tò ó sí. Àdúrà gígùn tí mo fi parí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó pa rẹ́. Ìyẹn dùn mí díẹ̀.

«A ó fi ìwé yín pamọ́» náà ní òpin. Ní ilẹ̀ Faransé, CNIL, àjọ tí ó ń dáàbò bo ìsọfúnni ẹni, dámọ̀ràn pé kí a má ṣe pa ìwé ẹni tí ó wáṣẹ́ mọ́ ju ọdún 2 lọ lẹ́yìn ìgbà tí a ti bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, àyàfi bí òun fúnra rẹ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, APDP ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Mo wá pinnu láti máa kọ ìwé kúkúrú sí wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bí ohun tuntun bá wà láti sọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, akọ̀wé wọn fèsì: «A rí i, a sì dúpẹ́.» Kò tíì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti lẹ kàlẹ́ńdà ọjà mọ́ ògiri kíláàsì mi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ bọ́ sí ọjọ́ ọjà, nítorí náà ọjọ́rú ni a ó pàdé.