Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Bí A Ṣe Ra Ẹ̀rọ Géèmù Wa Àkọ́kọ́

Yàrá kan náà làwa méjèèjì jọ ń gbé ní Ìwó. Odindi sáà kan la fi tọ́jú owó, ₦110,000 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí a lè ra ohun tí a ó máa fi gbá bọ́ọ̀lù orí ẹ̀rọ. PS4 ló wà lọ́kàn wa. A tiẹ̀ ti ń ṣírò iye tí àwọn ará ilé yòókù yóò máa san fún wa, bí wọ́n ṣe ń san án ní ilé géèmù.

Kọ̀ǹpútà la kọ́kọ́ yọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Géèmù ńlá kì í já geere lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní káàdì àwòrán tirẹ̀. Àlòkù kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí owó wa ká kò ní in, àpótí tó ń pín iná nínú rẹ̀ kì í sì í sábà lágbára tó láti gbé káàdì ńlá. Bí a bá rà á, a ó kàn máa ra nǹkan kún un títí a ó fi ṣe tán nílé ìwé ni.

A wá rí ẹnì kan tó fẹ́ ta PS4 rẹ̀ ní ₦150,000 pẹ̀lú pádì kan. A ní kó jẹ́ kí a fi gbá bọ́ọ̀lù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni, àbí ẹ fẹ́ ṣeré ọ̀fẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Owó wa ò pọ̀ ni."

Kí ogún ìṣẹ́jú tó pé, fáànù inú rẹ̀ ti ń pariwo, ó sì kú fúnra rẹ̀. Ooru àti eruku ló sábà máa ń fa irú èyí, ẹni tó bá tàn án fún ìṣẹ́jú méjì péré kò sì ní mọ̀. Ẹ̀gbọ́n tún ní géèmù ogún ló wà nínú rẹ̀, pé a ò ní ra síídì kankan. Ìyẹn ló tún jẹ́ ká fura: wọ́n ti kíráàkì rẹ̀. Bí èèyàn bá gbé irú rẹ̀ lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ilé iṣẹ́ tó ṣe é lè tì í mọ́ ìta.

Ká tilẹ̀ ní a rí èyí tó dára, a ò ní tẹlifíṣọ̀n. Iná ńkọ́? PS4 tó fẹ́lẹ́ ń jẹ nǹkan bí 80 wáàtì bí a bá ń fi ṣeré. Tẹlifíṣọ̀n kékeré lè jẹ 50. Bí a bá gbá bọ́ọ̀lù fún wákàtí mẹ́ta, iná tí méjèèjì yóò jẹ tó èyí tó wà nínú bátìrì fóònù ogún, irú bátìrì 5,000 mAh. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ ni. Owó tí àwọn ará ilé ìbá san fún wa, epo ni ìbá jẹ ẹ́.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ojú fóònù ọ̀kan nínú wa ti fọ́. Nígbà tí wọ́n ní ká lọ gba oríkì ìdílé sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, fóònù ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ló yá. Báyìí la ṣe pinnu pé fóònù ni a ó rà.

Ìtàn tún wà níbẹ̀. Ara páálí fóònù tí wọ́n kọ́kọ́ kó fún wa, 8 GB ni wọ́n kọ. A wọ Settings lọ sí About phone, a bá 4 GB + 4 GB. Mẹ́rin àkọ́kọ́ nìkan ni RAM gidi. Ibi ìpamọ́ fóònù ni wọ́n ti yá mẹ́rin kejì, kò sì yá bíi tòótọ́. A fi í sílẹ̀, a ra èyí tí 6 GB rẹ̀ jẹ́ ojúlówó, ₦160,000.

eFootball ọ̀fẹ́ ni. Gbígbà á wọlé ló ń jẹ dátà jù, nítorí náà òru la gbà á, nígbà tí dátà pọ́ọ́kú. Bí a bá gbá a pẹ́, ẹ̀yìn fóònù á gbóná, eré á sì máa falẹ̀. A kàn ń dín dídán àwòrán rẹ̀ kù ni. Ohun tí a pàdánù ni pé a ò lè jókòó síwájú ojú kan náà ká máa bú ara wa. Torí ìyẹn, a ṣì ń lọ sí ilé géèmù lọ́jọ́ Sátidé.

₦60,000 tó ṣẹ́ kù, ẹni tí fóònù rẹ̀ kò fọ́ ló kó o. Ẹni tó gba fóònù jẹ ẹ́ ní ₦50,000, yóò máa san ₦5,000 lóṣù. Títí yóò fi san án tán, ẹnì kan gbá a lónìí, ẹnì kejì lọ́la. Oṣù kẹta la wà yìí. Kò tíì sí ìjà.