Ọwọ́ Ọ̀tún Ta Ni?

Ní Agbowó, níbi tí àwa mẹ́ta ń gbé, ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní nọ́ńbà. Àdírẹ́sì tí a bá kọ fún ọlọ́jà máa ń mú oní-dìsípáàṣì dé Agbowó, ṣùgbọ́n kì í mú un dé ẹnu ọ̀nà wa. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló máa ń parí ìyókù, ibẹ̀ gan-an sì ni Yorùbá tí a ń kọ́ ní kíláàsì ti máa ń di iṣẹ́.

Bí ó bá pè pé òun ti ṣìnà, a kì í bi í pé "Níbo lẹ wà?" Bó bá mọ̀ ọ́n, kò ní pè. Ohun tó ń wò la máa ń bi í, àti ibi tó gbà wọlé, torí pé ọ̀tún àti òsì máa ń yí padà. Ẹni tó bá gba Bódìjà wá, ọwọ́ òsì rẹ̀ ni géètì Yunifásítì Ìbàdàn yóò wà, Agbowó yóò sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹni tó bá ti Òjóò bọ̀, òdìkejì ni. "Ẹ yà sọ́tùn-ún ní géètì" lè mú ọ̀kan wá sílé, kó sì mú èkejì wọ inú ọgbà yunifásítì.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tó máa ń da nǹkan rú ni "iwájú". Bí a bá ní "ilé wa wà níwájú mọ́ṣáláṣí", ẹnì kan á gbọ́ ọ pé ilé náà dojú kọ mọ́ṣáláṣí. Ẹlòmíràn á gbọ́ ọ pé kí òun kọjá mọ́ṣáláṣí, kí òun máa lọ. A ti pa ọ̀rọ̀ yẹn tì. "Ẹ máa kọjá mọ́ṣáláṣí" la máa ń sọ, tàbí "ilé wa àti mọ́ṣáláṣí kọjú síra wọn". A kì í sì fi ìyá alákàrà júwe ọ̀nà lálẹ́, torí pé àárọ̀ nìkan ló máa ń wà níbẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, wọ́n ń gbé kọ̀ǹpútà ọ̀kan nínú wa bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó tún un ṣe. Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Aago méje alẹ́ ti kọjá, wọ́n ti mú iná lọ, ni fóònù bá dún.

"Àǹtí, mo ti yípo lẹ́ẹ̀mẹ́ta o."

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ páàkì síbi tí iná wà. Kí lẹ ń wò?"

"Ṣọ́ọ̀bù oògùn kan, jẹnẹrétọ̀ wọn ń ṣiṣẹ́."

"Ọwọ́ yín wo ló wà?"

"Ọwọ́ òsì."

Ìdáhùn yẹn tó. Ẹni tó bá ti títì ńlá bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa, ọwọ́ ọ̀tún ni ṣọ́ọ̀bù yẹn máa ń wà sí i. Bó ṣe wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, a mọ̀ pé ó ti yí padà, ó sì ti kẹ̀yìn sí wa.

A kò ní kó máa bọ̀ nílé. Ọ̀nà wa ṣókùnkùn, gọ́tà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àlejò tí wọ́n bá sì ní kó gbé ẹrù olówó ńlá wọ inú òkùnkùn náà ní ìdí láti bẹ̀rù. A ní kó dúró síwájú àwọn oníṣọ́ọ̀bù náà. Àwa méjì lọ, ẹnì kẹta sì jókòó ti fóònù. A sọ fún un pé ọ̀kan nínú wa wọ híjáàbù pupa. Nígbà tí a dé ibẹ̀, a kò dárúkọ ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́. Òun la ní kó dárúkọ rẹ̀. A tan kọ̀ǹpútà náà wò lójú rẹ̀, a fi owó ránṣẹ́ sí i, a sì dúró títí àlẹ́ẹ̀tì fi wọ fóònù rẹ̀.

Bí fóònù rẹ̀ bá ní WhatsApp, ẹ lè fi `Send your current location` ránṣẹ́. Ìta ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, torí pé inú ilé máa ń jẹ́ kó ṣì í. Ẹ wo mítà tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀: bó bá ju ogún lọ, ẹ ní sùúrù kó wálẹ̀. Síbẹ̀, àmì yẹn kò mọ̀ pé ògiri wà láàárín ọ̀nà, nítorí náà ẹ ṣì máa júwe.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Bí ẹnì kan bá pè pé òun ni oní-dìsípáàṣì, tó ní kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ fóònù yín fún òun, ẹ kọ́kọ́ ka gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Bó bá jẹ́ ti WhatsApp, àkáǹtì yín ló fẹ́ gbà. Àwọn kan máa ń lo nọ́ńbà tí wọ́n fi ń gba ẹrù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn náà, ẹ má kà á kí ẹrù tó dé ọwọ́ yín.